Kúrunmí Gbọdọ̀ Jàre Lójú Ara Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kọ eré onítàn, tó sì fẹ́ kí ọ̀tá inú rẹ̀ jẹ́ èèyàn gidi, kò ní láti lọ jìnnà. Ogun Ìjàyè wà nílẹ̀. Ní ọdún 1859 ni Aláàfin Àtìbà wàjà, tí Adélù àkọ́bí rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Òfin àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ ni pé Àrẹ̀mọ kì í gbẹ́yìn baba rẹ̀: bí ọba bá ti wàjà, òun náà yóò bá a lọ. Kí Àtìbà tó kú ló ti ní kí òfin yìí yí padà, Ìbàdàn sì ti gbà fún un. Ṣùgbọ́n Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó fi Ìjàyè ṣe ibùjókòó, ní òun ò gbà. Ọ̀rọ̀ náà di ogun ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1862.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá ìtàn yìí wọ̀yá ìjà kí n tó rí i kọ. Eré orí ìtàgé ni mo fẹ́ fi ṣe. Ọlá Rótìmí ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú wa: wọ́n gbé e jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1969, ó di ìwé ní 1971, Kúrunmí fúnra rẹ̀ ló sì fi ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn. Èmi fẹ́ lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo fẹ́ kí Adélù jẹ́ ẹni tí òǹwòran yóò máa bá kẹ́dùn, kí baba arúgbó Ìjàyè yẹn sì jẹ́ ẹni tó dìde sí i. Mo rò pé ẹni tí wọ́n ní kó kú tí kò fẹ́ kú kò ní í ṣòro gbè lẹ́yìn. Òótọ́ ni, kò ṣòro. Ọ̀dọ̀ Kúrunmí ni iṣẹ́ wà.

Bí a bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Sámúẹ́lì Jọ́nsìn kọ, ohun tí a ó fi ṣe ẹni burúkú pọ̀ lára Kúrunmí. Jọ́nsìn kò fi bò pé apàṣẹ-wàá ni, pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ará ìlú, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo òòṣà Ìjàyè sí ìkáwọ́ ara rẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun ni olórí awo níbi gbogbo. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó sínú ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ. Kúrunmí mi ń bú ramúramù, ó ń dá ẹ̀mí légbodò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹlòmíràn bá ń sunkún. Nígbà tí àwọn òṣèré jókòó kà á, ọkùnrin tó ń ka ti Kúrunmí bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn. Ó ní, “Bùọ̀dá, bí Adélù bá kú lónìí, kí ni Ààrẹ fẹ́ fi ọ̀la ṣe?” Mo wo ìwé mi látòkè délẹ̀. Kúrunmí mi kò ní ọ̀la kankan. Ìkórìíra Adélù nìkan ni iṣẹ́ tó ń ṣe láyé.

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo ọ̀tá tí mo bá kọ látìgbà náà. Mú olú ẹ̀dá-ìtàn kúrò nínú ìtàn, kí o wo ọ̀tá rẹ̀. Bí kò bá ní nǹkan kan mọ́ tí yóò ṣe, bí kò bá sí ọjà tó fẹ́ ná tàbí ilé tó fẹ́ kọ́, tí kò sí òfin tó fẹ́ kó dúró tàbí ọmọ tó fẹ́ kó jẹ oyè, kì í ṣe èèyàn lo kọ. Ìdíwọ́ lo kọ, o sì wọ̀ ọ́ láṣọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí. Ibi tí mo sì kọ́kọ́ yà sí ni ibi tí ọ̀pọ̀ wa máa ń yà sí: mo lọ wá ẹ̀dùn ọkàn fún un. Mo fún Kúrunmí ní ìgbà èwe tí ogun bà jẹ́. Mo jẹ́ kó sọ bí wọ́n ṣe sá kúrò ní ìlú wọn, bí ebi ṣe pa wọ́n lọ́nà, bí ó ṣe sin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́bàá igbó. Ọ̀rọ̀ náà wọni lára, àánú rẹ̀ ṣe àwọn tó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n eré náà dẹ̀. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ àná, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ohun tí yóò ṣe lọ́la. Òǹwòran mọ ìdí tí inú rẹ̀ fi bà jẹ́, wọn ò sì rí bí ìbànújẹ́ yẹn ṣe kan ọrùn Adélù.

Ìgbà tí mo padà lọ ka *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970 ni mo tó rí ibi tí ohun tó sọnù wà. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìyálóde Ìbàdàn yẹn pàdánù ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn tó tó ẹ̀dùn ọkàn nìyẹn. Bí Ìṣọ̀lá bá dúró níbẹ̀, ọ̀fọ̀ ni ìwé náà ìbá jẹ́. Kò dúró níbẹ̀. Ó sọ ẹ̀dùn náà di òfin ilé: nítorí pé òun kò ní ọmọ mọ́, ẹrú kankan kò gbọdọ̀ bímọ ní agbo ilé òun. Adétutù sì lóyún fún Ìtáwuyì. Ẹ wò ó báyìí. Ìyálóde kò ní láti mọ Adétutù tẹ́lẹ̀, kò sì ní láti kórìíra rẹ̀. Oyún inú ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ti tẹ òfin lójú. Bí oyún yẹn bá di ọmọ, òfin ti kú. Bí òfin bá dúró, ọmọ kò ní í wáyé. Kò sí ọ̀nà kẹta. Àná ló bí ìdí tí Ẹfúnṣetán ní, ṣùgbọ́n òfin ló gbé ìdí náà wá sí òní tó fi pàdé ẹlòmíràn lójúkojú.

Ohun tó jẹ́ kí ìwé yẹn le bẹ́ẹ̀ lójú mi ni pé a lè lóye Ìyálóde láìfọwọ́ sí ohun tó ṣe. A mọ ibi tó ti ń ké. A sì rí Adétutù níwájú wa, tí wọ́n ń fà á lọ. Bí méjèèjì ṣe wà lójú wa lẹ́ẹ̀kan náà kò jẹ́ kí ara rọ̀ wá.

Mo padà sọ́dọ̀ Kúrunmí. N kò bi í mọ́ pé kí ló ṣe é nígbà èwe. Mo bi í pé òfin wo ló fẹ́ kó dúró, àti pé kí ló rò pé yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá dúró. Nígbà tí mo bi í bẹ́ẹ̀, ìtàn fúnra rẹ̀ ló dá mi lóhùn.

Kí ni òfin Àrẹ̀mọ wà fún ná? Àrẹ̀mọ kì í ṣe ọmọ ọba lásán ní Ọ̀yọ́. Òun àti baba rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe ìjọba, ó ní àṣẹ, ó ní àwọn ìránṣẹ́, ọ̀nà ikú sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ bó bá fẹ́ lò ó. Bó bá mọ̀ pé òun ni yóò jẹ lẹ́yìn baba òun, kí ni yóò mú un ní sùúrù? Ṣùgbọ́n bó bá mọ̀ pé ọjọ́ tí baba bá kú ni òun náà yóò kú, kò sí ẹni tí yóò máa gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ọba tó o. Òfin tó le ni, ó sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ kì í ṣe wèrè.

Ẹ tún wo irú ẹni tí Kúrunmí jẹ́. Ọ̀kan lára àwọn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú lójú wọn ni. Ìran tirẹ̀ ló rí i bí Afọ̀njá, tí òun náà jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣe kọ̀yìn sí Aláàfin, bí Ìlọrin ṣe bọ́ lọ, bí ìlú ńlá ṣe di ahoro ní àwọn ọdún 1830. Nígbà tí Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà, òun ló fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, tó sì fi Kúrunmí jẹ Kakaǹfò, kí àwọn méjèèjì lè jẹ́ odi fún ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó rí ilé tó wó lẹ́ẹ̀kan kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òpó kankan mọ́. Mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ Kúrunmí mi: àṣà tí a bá ṣẹ́ fún àǹfààní ẹnìkan ló ń tú ìlú ká.

Èyí ni pé kì í ṣe Adélù ló ń bá jà. Ohun tí Adélù jẹ́ bó bá wà láàyè lórí ìtẹ́ ló ń bá jà. Níbẹ̀ ni ọ̀tá mi ti kọ́kọ́ di èèyàn lójú mi, mo sì rántí pé mo dìde kúrò nídìí tábìlì, mo rìn yí yàrá ká.

Iṣẹ́ kan tún kù, òun ló sì gbà mí lákòókò jù. Bí ọ̀tá bá ní ìdí tó dára, tí olú ẹ̀dá-ìtàn náà sì ní ìdí tó dára, òǹwòran yóò béèrè pé kí ló dé tí wọn ò jọ jókòó sọ ọ́. Bí mo bá ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó ka iṣẹ́ mi, mo mọ̀ pé gbọ́nmi-si-omi-ò-tó inú rẹ̀ kò tíì le tó. Ọ̀nà tí mo ń gbà dán an wò ni pé mo máa ń fún ọ̀tá ní ohun tó ń fẹ́, ní pátápátá, lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí, kí n sì wo ohun tí yóò kù fún olú ẹ̀dá-ìtàn. N ó sì tún ṣe é ní òdì kejì. Bí ẹnì kan bá lè rí tirẹ̀ gbà kí ẹnì kejì má pàdánù ohun tó ṣe pàtàkì sí i jù, wọn kò tíì pàdé.

Mo fún Kúrunmí ní tirẹ̀: Adélù kú, tàbí ó lọ. Mo fún Adélù ní tirẹ̀: òfin tí Kúrunmí fi ayé rẹ̀ ṣọ́ di àlàyé lẹ́nu àwọn àgbà. Ìtẹ́ kan ṣoṣo ló wà, òfin kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti pàdé.

Síbẹ̀, mo rí i pé ó yẹ kí òǹwòran rí ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tí mo fi í sí ni ìran igbá méjì. Ìtàn sọ pé Adélù ránṣẹ́ sí Kúrunmí pẹ̀lú àmì àlàáfíà àti àmì ogun, ère ìbejì lápá kan, ẹ̀tù àti ọta lápá kejì, pé kó mú èyí tó bá wù ú. Ogun ló mú. Nínú ìwé mi àkọ́kọ́, ó já ẹ̀tù gbà tìbínú-tìbínú, ó ń pariwo. Nínú ìkejì, ó sunkún kó tó mú un. Èyí tí a wá ṣe lórí ìtàgé nìyí:

ÌLÀRÍ: Kábíyèsí ní kí n kí Ààrẹ.

KÚRUNMÍ: Kábíyèsí ti wàjà. Ta ló rán ọ?

ÌLÀRÍ: Aláàfin Adélù ni, Ààrẹ.

KÚRUNMÍ: Àrẹ̀mọ Adélù. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ dáadáa ni. Abẹ́ òrùlé mi níbí ló ń sùn bí baba rẹ̀ bá mú un wá kí mi.

ÌLÀRÍ: Ẹ jẹ́ kó yè nígbà náà, Ààrẹ.

KÚRUNMÍ: Mo ní kó kú ni? Kó jáde kúrò láàfin lálẹ́ òní. Ibi tó bá wù ú kó lọ, èmi ni n ó fi ẹṣin ránṣẹ́ sí i, èmi ni n ó máa bọ́ ọ títí ọjọ́ ikú mi. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè jókòó lórí ìtẹ́ baba rẹ̀, Àrẹ̀mọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní í dúró de ikú mọ́. Yóò lọ pè é wá ni.

ÌLÀRÍ: Èwo ni kí n gbé padà, Ààrẹ?

KÚRUNMÍ: Gbé ìbejì padà fún un. Sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, “mo bẹ̀ ẹ́,” ni olùdarí eré fẹ́ kí n yọ. Ó ní ó dẹ Kúrunmí jù. Mo dúró lé e, nítorí pé òun ló ba òǹwòran lẹ́rù jù. Ẹni tó ń bú ọ lè rọ̀ bó bá yá. Ẹni tó bẹ̀ ọ́ tọkàntọkàn kó tó gbé ìbọn, ó ti ro ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò yí i lọ́kàn padà mọ́. Ní alẹ́ tí a kọ́kọ́ ṣe é, mo jókòó sẹ́yìn láàárín èrò, mo sì gbọ́ ìyá kan níwájú mi tó ní, “Òótọ́ lo sọ, baba.” Ìgbà tí ìlàrí gbé ère ìbejì padà, ìyá kan náà ló pòṣé. Ohun tí mo ń wá nìyẹn: kí èèyàn gbà fún un, kí ó sì má fẹ́ kó borí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Kúrunmí kò ní kí wọ́n pa Adélù nínú ìran yìí. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó má baà rọrùn fún Adélù láti kọ̀. Bó bá jẹ́ ikú nìkan ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ta ni yóò bi í pé kí ló dé tí kò gbà? Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún un ní ẹ̀mí rẹ̀, pẹ̀lú ẹṣin àti oúnjẹ. Ó wá di dandan kó sọ ìdí tí kò fi ní í lọ. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ìdí tirẹ̀ náà wà nínú ìtàn. Àtìbà ti gba ìlérí lẹ́nu àwọn olóyè Ìbàdàn. Bí Adélù bá lọ, gbogbo wọn ti di adàlẹ̀. Ẹni tí yóò bá sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀ yóò jẹ́ ẹni tí Kakaǹfò fọwọ́ sí. Láti ọjọ́ náà lọ, Ìjàyè ni yóò máa yan Aláàfin. Adélù mi wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Bí mo bá lọ, Afọ̀njá ti padà wá.”

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí mo kọ ọ́, nítorí mo rí i pé ohun kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì lẹ́rù. Kúrunmí ń bẹ̀rù kí Ọ̀yọ́ má tún tú lẹ́ẹ̀kejì, nítorí àṣà tó ṣẹ́. Adélù ń bẹ̀rù kí Ọ̀yọ́ má tún tú lẹ́ẹ̀kejì, nítorí Kakaǹfò tó gbójú sí ọba. Ohun tí wọ́n jọ fẹ́ ṣọ́ jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè tẹ̀lé ọ̀nà tí òun fẹ́ gbà ṣọ́ ọ kí ẹnì kejì má ṣubú. N kò mọ ìkọlura kan tó le ju èyí lọ. Ó sì ń dùn mí nígbà tí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé tí wọ́n ń wá ìdí tó jìnnà réré fún ọ̀tá, bí àìsàn, bí èpè, bí orogún ìyá rẹ̀ tó lù ú nígbà èwe, nígbà tó jẹ́ pé ìdí tó lágbára jù wà lọ́wọ́ olú ẹ̀dá-ìtàn wọn gan-an. Kí wọ́n kàn yí i padà ni.

Ewu kan wà ní ọ̀nà yìí, mo sì rí i bó ṣe dé. Bí mo ṣe ń fún Kúrunmí ní ọ̀rọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni Adélù ń rọ. Ọmọ rere tó ń sá fún ikú kò lè dúró níwájú baba tó ń gbèjà òfin. Ìgbà tó bá yá, òǹwòran yóò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fún ọ̀tá ní ìdí, ó di dandan kí a fún olú ẹ̀dá-ìtàn ní ẹrù tó wúwo tó ìdí náà. Mo wá a nínú òfin kan náà. Kì í ṣe Àrẹ̀mọ nìkan ló ń bá ọba lọ. Àwọn mìíràn wà láàfin tí àṣà ti yàn fún ìrìn àjò yẹn. Mo mú ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan tí mo fúnra mi dá sínú eré, mo jẹ́ kó wá kúnlẹ̀ níwájú Adélù ní òru tí wọ́n ń múra láti sin Àtìbà. Ó ní, “Kábíyèsí, wọ́n ní òfin ti yí padà. Ṣé tiyín nìkan ló yí padà ni?” Adélù kò ní ìdáhùn. N kò fún un ní ìdáhùn títí eré fi parí, mo sì jẹ́ kí obìnrin náà lọ. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀mí Adélù ti ní iye tí ẹlòmíràn san fún un, ohun tí Kúrunmí ń sọ ní Ìjàyè sì ti ní ẹlẹ́rìí láàfin Ọ̀yọ́.

Ẹnìkan tún ràn mí lọ́wọ́: Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn. Ìtàn jẹ́rìí pé kò fẹ́ ogun yìí, pé Ògúnmọ́lá, olóyè ogun Ìbàdàn bíi tirẹ̀, ló ń tì í sí iwájú. Nínú eré mi, Ìbíkúnlé ni mo fi gbogbo ẹ̀tọ́ Kúrunmí sí lẹ́nu. Òun ló sọ ọ́ ní ìgbìmọ̀ Ìbàdàn pé ohun tí Ààrẹ ń wí kì í ṣe irọ́, pé bó bá jẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn, gbogbo wọn ni wọn ì bá wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde tó lọ múra ogun, nítorí pé wọ́n ti ṣe ìlérí. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọ̀tá bá ń sọ ìdí ara rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, yóò dà bí ẹni tó ń wí àwíjàre. Bí ẹni tí yóò pa á bá bá a sọ ọ́, òǹwòran kò ní í jiyàn. Ó sì tún jẹ́ kí n dín ọ̀rọ̀ ẹnu Kúrunmí kù, kí ó lè máa ṣe ju kí ó máa sọ lọ.

Ohun tó ń ṣe yẹn ló kù tí mo gbọdọ̀ sọ, nítorí òun ni kò jẹ́ kí òye di ìdáríjì. Nígbà tí Ìbàdàn há Ìjàyè mọ́, tí ọ̀nà oko dí, ìyàn mú ní ìlú. Àwọn òbí fi ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà nítorí oúnjẹ. Kúrunmí kò yí padà. Kò yẹ kí ó yí padà. Bó bá yí padà nítorí ìyàn, òfin tó ní òun ń ṣọ́ kò tó nǹkan lójú rẹ̀ rí. Mo wá mú ìyá ọlọ́jà kan ní Ìjàyè, tí kò mọ Adélù, tí kò rí Ọ̀yọ́ rí, mo jẹ́ kó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ kọjá níwájú ilé Ààrẹ, tó ń lọ fi í dúró nítorí agbọ̀n ẹ̀lùbọ́ kan. Kúrunmí rí i. Ó pè é, ó bi í léèrè orúkọ ọmọ náà, ó sì gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀, tó sì pàṣẹ pé kí wọ́n jáde lọ́la.

Mo kọ ìran yẹn ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Nígbà kan mo ní kí Kúrunmí má rí ìyá náà rárá; ó wá dà bí ẹni tí kò mọ̀, àìmọ̀ sì ń dín ẹ̀bi kù. Nígbà mìíràn mo ní kó lé e lọ. Mo bá tún padà sí ẹni burúkú tí mo ti fi sílẹ̀. Kí ó rí i, kí ó mọ orúkọ ọmọ, kí ó fẹ́ ire fún un, kí ó sì tẹ̀ síwájú, èyí nìkan ló jẹ́ òótọ́ sí ọkùnrin tó ń bẹ lọ́kàn mi. Ìdí rẹ̀ kò yí, ìwà rẹ̀ kò yí. Ohun tó yí ni ẹni tó ń san owó rẹ̀. Títí di ìgbà náà, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń jà á. Báyìí, ọmọdébìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ló wà lórí òṣùwọ̀n. Òǹwòran tó ti ń sọ pé “òótọ́ lo sọ, baba” kò ní í lè sọ ọ́ mọ́ láìwo ojú ọmọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìparí eré dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìtàn, kì í ṣe Adélù ló pa Kúrunmí, wọn kò sì pàdé lójú ogun. Kúrunmí kú kí ìlú rẹ̀ tó fọ́, Abógunrìn, ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun rẹ̀, ló sì dúró fún Ìjàyè títí di òpin. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí n ṣe ìran kan tí àwọn méjèèjì yóò ti dojú kọ ara wọn, nítorí òǹwòran ń retí rẹ̀. N kò gbà. Kúrunmí àti Adélù ti pàdé láti ìgbà tí ìlàrí ti gbé ìbejì padà. Bí wọ́n bá tún pàdé, ìjà ọkùnrin méjì ni yóò kù, òfin yóò sì ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jẹ́ kí ìròyìn ikú Ààrẹ dé Ọ̀yọ́ nígbà tí Ìjàyè ṣì ń jà, kí Adélù rí i pé ikú ọkùnrin náà kò pa ọ̀rọ̀ tó sọ. Ó jókòó lórí ìtẹ́ tó fẹ́, ogun ṣì ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti ní àkọ́bí ọkùnrin. Mo jẹ́ kí ọmọ náà wọlé wá kí i ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn dé, kí Adélù wò ó, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ṣé o sùn dáadáa?” Ọmọ náà ní òun sùn dáadáa, ó sì bi baba rẹ̀ bóyá òun náà sùn. Àwọn òǹwòran ti gbọ́ ohun tí Kúrunmí sọ nípa Àrẹ̀mọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. N kò tún un sọ.